Wọ́n fẹ́ yọ kọ́ńpìnnì tí màámi ní ṣéà sí kúrò lórí ọjà, ṣé màámi lè sọ pé àwọn ò tà?

Ṣọlá_Òṣogbo
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màámi ra ṣéà 5,000 nínú kọ́ńpìnnì kan nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe tíṣà, mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnnì náà níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá rẹ́jísírà tó ń tọ́jú orúkọ àwọn oníṣéà fi ìwé kan ránṣẹ́ sí wọn pé àwọn òyìnbó tó ni ìdá 80 nínú 100 kọ́ńpìnnì náà fẹ́ ra tọwọ́ gbogbo àwọn yòókù ní náírà 9 àti kọ́bọ̀ 50, tí wọ́n bá ti rà á tán wọ́n á yọ ọ́ kúrò ní NGX, ìyẹn ọjà ṣéà Nàìjíríà, á wá di tiwọn nìkan. Náírà 7 ló wà lórí ọjà kí ìròyìn yẹn tó jáde. Kí ló tiẹ̀ yàtọ̀ láàárín kọ́ńpìnnì tó wà lórí ọjà àti èyí tó jẹ́ ti aládàáni? Ṣé màámi lè sọ pé àwọn ò tà, kí wọ́n fi tàwọn sílẹ̀ fún àwọn?

Kúnlé_Agége
Ẹ gba owó yín o! Kọ́ńpìnnì tí wọ́n bá ti yọ kúrò lórí ọjà, ó ti kú nìyẹn. Ẹ ò rí GSK tó ń ta oògùn? Oṣù kẹjọ 2023 ni wọ́n kéde pé àwọn ò ṣe òwò mọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n sanwó fún àwọn oníṣéà, orúkọ wọn kúrò lórí pátákó NGX, ó parí. Tẹ́ ẹ bá ń fà á, ìwé lásán ló máa kù lọ́wọ́ màámi yín.

Búrókà_Marina
Ṣọlá, ẹ kú ìtọ́jú màámi. Kúnlé, GSK tó o sọ yẹn, òótọ́ ni, àmọ́ ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ níbẹ̀ tó o wá so pọ̀ di ọ̀kan. GSK pa òwò tì, ó sì kúrò lórí ọjà. Kọ́ńpìnnì míì máa ń kúrò lórí ọjà tí òwò rẹ̀ ṣì ń lọ dáadáa. Wo Mobil Oil Nigeria àtijọ́, lẹ́yìn tí NIPCO ra ìdá 60 lọ́wọ́ ExxonMobil wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí 11 Plc, 2021 ni wọ́n fúnra wọn ní káwọn kúrò lórí ọjà, àwọn ilé epo wọn ò torí ìyẹn tì. Àwọn tó ń ṣe mílíìkì Peak ńkọ́, FrieslandCampina Wamco, wọn ò sí lórí NGX, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ní ṣéà níbẹ̀.

Ohun tí wíwà lórí ọjà túmọ̀ sí fún ẹni bíi màámi ni pé lójoojúmọ́ tí ọjà bá ṣí, iye kan wà níta tí gbogbo ayé ń rí, tí wọ́n bá nílò owó ilé ìwòsàn lónìí búrókà á bá wọn tà á fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, owó á sì wọlé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Èkejì ni pé kọ́ńpìnnì náà ò lè dákẹ́. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò owó rẹ̀ síta, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ti ìparí ọdún tí ọ̀dítọ̀ ti yẹ̀ wò kò sì gbọ́dọ̀ kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́. Tí dáréktọ̀ kan bá ra ṣéà tàbí tó tà, ó gbọ́dọ̀ kéde. Èyí tó bá pẹ́, NGX máa ń lẹ àmì mọ́ orúkọ rẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí `MRF` ìwé ìṣirò ni kò fi sílẹ̀ lásìkò, tẹ́ ẹ bá rí `DIP` wọ́n ti ń yọ ọ́ lọ nìyẹn.

Ti aládàáni, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ Limited, òfin CAMA ti 2020 tó de àwọn kọ́ńpìnnì ò jẹ́ kí àwọn tó ni ín ju àádọ́ta lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ ta tirẹ̀ kò lè kàn tà á fún ẹni tó wù ú, ìwé àdéhùn kọ́ńpìnnì fúnra rẹ̀ ló máa ń dí i. Kò sí iye kankan lójú pátákó. Ohun tí wọ́n bá fún ẹ ni wàá gbà, tàbí kó o jókòó tì í.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà ni pé ilé kan tún wà láàárín méjèèjì. Yíyọ kúrò lórí ọjà kì í fúnra rẹ̀ sọ Plc, ìyẹn kọ́ńpìnnì tí gbogbo èèyàn lè ní ṣéà nínú ẹ̀, di Limited. 11 Plc ṣì ń jẹ́ Plc. Orí NASD ló bọ́ sí, ìyẹn ọjà tó wà fún Plc tí kò sí lórí NGX, àwọn èèyàn ṣì ń rà á wọ́n ṣì ń tà á níbẹ̀. Àmọ́ ọjà NASD kì í yá bíi ti NGX, ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè lọ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè fún ṣéà kan, nítorí náà iye tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ lè jẹ́ iye tọ́jọ́ ti lọ lórí ẹ̀.

Ṣọlá, ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ohun tí rẹ́jísírà fi ránṣẹ́. Ṣé wọ́n kọ “síkíìmù” síbẹ̀ àti orúkọ kóòtù? Ohun tí mo máa sọ kàn dúró lórí ìyẹn ni.

Tọ́pẹ́_Peckham
Kò sí wàhálà níbẹ̀ jàre. Tó bá jẹ́ pé òyìnbó ló ni ín, London ni wọ́n á gbé e lọ, ṣebí Seplat àti Airtel Africa wà níbí àti ní Èkó pọ̀. Kí màámi ṣí àkáǹtì sọ́dọ̀ búrókà ibí kí wọ́n kó ṣéà wọn wá.

Ṣọlá_Òṣogbo
Ẹ ṣé o bọ̀dá Tọ́pẹ́, àmọ́ kì í ṣe pé ó ń ṣí lọ. Kọ́ńpìnnì ti ibí ló wà lórí NGX, kò sí lórí ọjà London, ìyá rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún ló fẹ́ gba gbogbo ẹ̀ sọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Búrókà, mò ń bọ̀, àbúrò mi ni ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Èkìtì
Ọmọ mi, kó o tó bá wọn jiyàn lórí iye, kọ́kọ́ lọ wo orúkọ tó wà lórí ṣéà yẹn. Bàbá wa ní ṣéà nínú kọ́ńpìnnì kan tí wọ́n rà mọ́ àwọn oníṣéà kéékèèké lọ́wọ́ báyìí, bàbá ti kú nígbà náà, sáfíkéètì onípépà wà nínú àpótí, kò sẹ́ni tó ti bá wọn gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà CSCS tó ń tọ́jú ṣéà. Ìwé ìpàdé ń lọ sí ilé tá a ti kó kúrò. Ìgbà tá a fi máa mọ̀, wọ́n ti dìbò, kóòtù ti fọwọ́ sí i, owó bàbá wà lọ́dọ̀ rẹ́jísírà lórúkọ òkú. Wọ́n ní ká mú ìwé ìpín ogún wá láti kóòtù, orúkọ tó wà lórí sáfíkéètì tún yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìwé ikú, ká tún lọ búra. A gba owó náà nígbẹ̀yìn, kò sì lé kọ́bọ̀ kan lórí iye tí wọ́n dá nígbà yẹn. Màámi rẹ wà láyé, ẹ dúpẹ́, ẹ tètè lọ tún orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà báńkì ṣe.

Búrókà_Marina
Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ohun tí ẹ sọ yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ, torí lọ́jọ́ tí síkíìmù bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣéà ọ̀hún kò sí mọ́. Owó ló kù, owó yẹn kì í bímọ.

Kúnlé_Agége
Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo oníṣéà ló gbọ́dọ̀ gbà kó tó ṣeé ṣe. Àwọn tó ní ṣéà káàkiri Nàìjíríà, ta ló máa kó wọn jọ? Tí màámi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá kàn jókòó sílé, kò lè kọjá.

Ṣọlá_Òṣogbo
Fọ́tò ti dé. Ó kọ “síkíìmù” síbẹ̀ lóòótọ́, ó ní Federal High Court ló pàṣẹ kí wọ́n pe ìpàdé. Fọ́ọ̀mù kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n ní ká fi yan aṣojú.

Búrókà_Marina
Ó dáa, ó ti hàn báyìí. Ọ̀nà méjì ni kọ́ńpìnnì ń gbà fúnra rẹ̀ kúrò lórí ọjà, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé oníṣéà kékeré dé ò jọra rárá.

Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kàn ní àwọn ò fẹ́ wà ní NGX mọ́. Àwọn oníṣéà á dìbò, wọ́n á tọrọ àṣẹ lọ́dọ̀ NGX, wọ́n á sì ya owó sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́ bá wọn lọ, ẹni tó bá fẹ́ dúró lè dúró. Báyìí ni ti 11 Plc ṣe lọ. Ṣéà rẹ ṣì jẹ́ tìrẹ, tí wọ́n bá pín èrè wàá gbà nínú ẹ̀, wàá lọ sí ìpàdé ọdọọdún. Ohun tó lọ ni ojú ọjà àti ìṣirò oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tó o ń rí lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkejì ni síkíìmù, òun ló wà lọ́wọ́ màámi yín. Èyí kì í fi ẹnì kan sílẹ̀. Kóòtù á ní kí wọ́n pe ìpàdé, ẹ ó dìbò, SEC tó ń bójú tó ọjà ṣéà á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á padà sí kóòtù fún àṣẹ ìkẹyìn, tí àṣẹ yẹn bá ti jáde ó mú ẹni tó dìbò bẹ́ẹ̀ ni, ó mú ẹni tó dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́, ó mú ẹni tó sùn sílé. Nítorí náà ìdáhùn sí ìbéèrè yín ni pé rárá, tó bá ti kọjá, màámi ò lè ní kí wọ́n fi tàwọn sílẹ̀. Àsìkò tí wọ́n lè sọ̀rọ̀ ni ìsinsìnyí títí di ọjọ́ kóòtù.

Kúnlé, ibi tó o ti ṣì í rèé. Òfin ò sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo oníṣéà. Abala 715 nínú CAMA sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye ṣéà àwọn tó wá síbẹ̀ tí wọ́n sì dìbò, yálà fúnra wọn tàbí nípasẹ̀ aṣojú. Ká sọ pé ṣéà bílíọ̀nù kan ni kọ́ńpìnnì ní, òyìnbó ní 800 mílíọ̀nù, ẹ̀yin kéékèèké ní 200 mílíọ̀nù. Ká sì sọ pé ẹ̀yin kéékèèké nìkan ló ń dìbò lọ́jọ́ náà, àwọn tó wá tàbí tó rán aṣojú ní 40 mílíọ̀nù láàárín ara wọn. Mílíọ̀nù 30 péré ti tó láti gbé e kọjá. Ìyẹn ni pé mílíọ̀nù 30 á kó 170 mílíọ̀nù tó kù sẹ́yìn. Lọ́nà kejì, tí àwọn tí kò fẹ́ bá ní díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 10 nínú yàrá yẹn, kò lè kọjá. Ẹni tó jókòó sílé kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ńṣe ló mú kí nǹkan rọrùn fún àwọn tó fẹ́ ẹ.

Kúnlé_Agége
Háà. Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn o. Kí wọ́n yáa fi fọ́ọ̀mù aṣojú yẹn ránṣẹ́.

Àdùkẹ́_Àkáǹtì
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Gbogbo yín ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ ò sọ bóyá 9.50 dáa. Náírà 7 sí 9.50 dà bí ẹ̀bùn lójú, ṣéà 5,000 á di 47,500 dípò 35,000. Àmọ́ kí ló dé tó fi wà ní 7? Tí ẹnì kan bá ti di ìdá 80 mú, ìdá 20 ló kù tó ń yí lọ́jà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ra ṣéà kì í fẹ́ràn irú ẹ̀ torí kò yá, iye rẹ̀ á wà nílẹ̀ ṣáá. Ẹni tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ló tún ń fi iye yẹn díwọ̀n owó tó máa san.

Ẹ wo PZ Cussons. Ìyá ẹ̀ ní UK ní ìdá 73 àti díẹ̀. Oṣù kẹsàn-án 2023, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ tí gbèsè dọ́là sì gbé èrè ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì mì, ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ pé àwọn fẹ́ ra tọwọ́ àwọn yòókù ní náírà 21. Àwọn oníṣéà kùn, wọ́n sọ ọ́ di 23. Síkíìmù ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. SEC ò fún wọn ní ìwé pé kò sí àtakò, ní 2024 wọ́n ní àwọn ti pa á tì. Nígbà tó fi di 2025, ṣéà PZ ti kọjá 23 dáadáa lórí ọjà. Ẹni tó ní 5,000 níbẹ̀ ì bá ti gba 115,000 kó sì máa wo ẹlòmíì tó ń jèrè lórí ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ìgbà tí nǹkan ò dáa ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìgbà tó ń dùn.

Kí Ṣọlá ṣí ìwé ìṣirò ọdún tó kọjá, kó wo ohun ìní tó kù lẹ́yìn gbèsè, kó pín in sí iye ṣéà. Tí ìyẹn bá jẹ́ 15 tí wọ́n sì ń fún un ní 9.50, ó ní ohun tó máa sọ ní ìpàdé.

Búrókà_Marina
Àǹtí Àdùkẹ́, òótọ́ lẹ sọ nípa PZ, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé gbogbo ẹ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ti GSK, bíi náírà 8 ló wà lórí ọjà kí wọ́n tó kéde, náírà 17 àti kọ́bọ̀ 42 ni síkíìmù dá lé ṣéà kan. Ẹni tó ní 5,000, ohun tó jẹ́ nǹkan bíi 40,000 di 87,100. Ẹni tó bá dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́ níbẹ̀, kí ló ń dúró dè, kọ́ńpìnnì tó ti ní òun ò ta nǹkan mọ́? Ohun ìní tó wà lórí ìwé yẹn náà, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé e. Ẹ̀rọ àtijọ́ ló ń jẹ́ ohun ìní lórí ìwé, kò sẹ́ni tó máa rà á ní iye yẹn. Ohun tí mo máa ń wò ni èrè tí wọ́n ń pín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ màámi, èló ni wọ́n gbà lórí ṣéà kan ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn?

Ṣọlá_Òṣogbo
Wọ́n ní wọ́n gba kọ́bọ̀ 60 ní ọdún méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn wọn ò pín nǹkan kan.

Àdùkẹ́_Àkáǹtì
Kò pín nǹkan kan torí kò jèrè ni, àbí torí pé ẹni tó ní 80 ló ń pinnu bóyá kí wọ́n pín? Ẹ wò ó nínú ìwé. Tí èrè bá wà tí wọn ò pín in, owó yẹn ṣì wà nínú kọ́ńpìnnì, òun náà ni wọ́n fẹ́ rà ní 9.50.

Ṣọlá_Òṣogbo
Mo ti wò ó, èrè wà ní ọdún tó kọjá, kékeré ni ṣá. Ẹ̀gbọ́n Búrókà, ẹ sọ pé “ká sọ pé ẹ̀yin kéékèèké nìkan ló ń dìbò”. Ṣé òyìnbó tó ní 80 yẹn náà á dìbò? Tó bá dìbò, kí la tún ń lọ ṣe níbẹ̀?

Búrókà_Marina
Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n gan-an nìyẹn. Ẹ wá ibi tí ìwé náà ti ṣàlàyé àwọn tí síkíìmù náà kàn. Tó bá kọ ọ́ pé àwọn oníṣéà yàtọ̀ sí ẹni tó ń rà, ẹ̀yin nìkan lẹ ó dìbò. Tí kò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí SEC kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kẹ́ ẹ sì ní kí lọ́yà kan múra láti bá yín sọ ọ́ níwájú adájọ́ lọ́jọ́ àṣẹ ìkẹyìn. Adájọ́ kì í kàn ka ìbò, ó lè béèrè bóyá ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà yẹ kí wọ́n jọ wà nínú àpótí ìbò kan náà.

Àdùkẹ́_Àkáǹtì
Lójú tèmi kò yẹ kó dìbò rárá, kò yẹ kó tiẹ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ fún ní kóòtù. Òun ló dá iye, òun ló fẹ́ rà, kí ló tún fẹ́ fọwọ́ sí?

Búrókà_Marina
Mo gbọ́ yín. Ẹlòmíì á ní ṣéà ni ṣéà, ẹni tó ní 80 ti fi owó 80 síbẹ̀. Èmi náà fara mọ́ tiyín ju ìyẹn lọ, àmọ́ mo ti bá lọ́yà tó gbà bẹ́ẹ̀ pàdé, mo sì ti bá èyí tí kò gbà pàdé.

Ìyá_Ìbejì_Èkìtì
Tí màámi ò bá lè lọ sí ìpàdé ńkọ́? Àwọn àgbà yìí, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n.

Búrókà_Marina
Fọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé yẹn ló wà fún un, ìyá wa. Kí màámi kọ orúkọ Ṣọlá síbẹ̀, kí wọ́n má fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo, torí tó bá ṣófo alága ìpàdé ló sábà máa ń di aṣojú wọn. Kí wọ́n sàmì sí ibi “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” fúnra wọn. Kí ọwọ́ tí wọ́n fi buwọ́ lù ú jọ èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ́jísírà, èyí ni wọ́n fi ń da fọ́ọ̀mù àwọn àgbàlagbà nù jù. Àsìkò tó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn wà nínú ìwé náà, kó má kọjá a.

Ṣọlá_Òṣogbo
Mo ti rí i, ó kọ ọ́ ní ojú ìwé kẹrin pé ẹni tó ń rà kò ní dìbò. Màámi ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn máa sàmì sí títí wọ́n á fi sọ iye tó ju 9.50 lọ. Lọ́la mò ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ́jísírà ní Ìbàdàn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù náà, màá sì bá wọn tún nọ́ńbà báńkì ṣe, torí ti báńkì tó wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti pa àkáǹtì yẹn tì tipẹ́. Ẹni tí ẹ bá mọ̀ tó tún ní ṣéà nínú kọ́ńpìnnì tó gba irú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́ kó kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kí a lè mọ iye mílíọ̀nù tá a jẹ́.